Ilé Là Ń Wò: Orúkọ Wo Ni Owó Ìrántí Olùkọ́ Yóò Jẹ́?

Bí olùkọ́ àgbà kan bá papò dà, tí àwọn tó kọ́ níwèé bá pé jọ síbi ìsìnkú, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó dìde pé, "Ẹ jẹ́ ká dá owó kan sílẹ̀ lórúkọ Tíṣà, ká máa fi rán ọmọ aláìní níwèé." Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Owó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí wọn kì í sábà bára wọn sọ lọ́jọ́ náà ni orúkọ tí owó yìí máa jẹ́ gan-an. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa kí á tó sọ irú owó bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Ẹ wo Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Olùkọ́ ni wọ́n kí gbogbo ayé tó mọ̀ wọ́n sí ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin. Nígbà tí wọ́n bí wọn l'Abẹ́òkúta ní 1900, Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1919 sí 1922, wọ́n sì pa àwọn orúkọ òyìnbó náà tì. Nígbà tí wọ́n lọ́kọ ní 1925, wọ́n di Ransome-Kútì. Lẹ́yìn 1970, àwọn àti Fẹlá ọmọ wọn yí i sí Aníkúlápó-Kútì. Bí àwọn tí wọ́n kọ́ níwèé bá fẹ́ dá owó sílẹ̀ lẹ́yìn ikú wọn ní 1978, èwo ni wọn ìbá kọ? Ẹni tó jókòó ní kíláàsì wọn kí wọ́n tó lọ́kọ kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Aníkúlápó-Kútì.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa obìnrin. Mísì lágbájá ní kíláàsì kìíní ti di Mìsíìsì tàmẹ̀dò kí á tó ṣe ìdánwò àṣejáde. Èrò mi ni pé kí á kọ orúkọ méjèèjì, ti ilé baba àti ti ilé ọkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ọmọ bíbí inú wọn lè dá wọn mọ̀. Bí orúkọ kúkúrú bá ti borí, kò sí ohun tó burú nínú lílò ó. Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó wà ní Ìjagun ń jẹ́ Táí Ṣólárìn, bẹ́ẹ̀ Augustus Táíwò Ṣólárìn ni orúkọ olùkọ́ náà ní kíkún.

Ọ̀nà tí olóògbé gbà ń kọ orúkọ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ wá káàdì èsì ìdánwò àtijọ́ kan jáde, ẹ wo ibi tí Tíṣà fọwọ́ sí nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ó ń gbìyànjú". Bí ó bá fi "sh" kọ ọ́, ẹ má fi "ṣ" rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ìdílé. Ẹ má sì fi "Olóògbé" sínú orúkọ owó náà. "Ìrántí" ti sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé orúkọ. Ẹ̀bùn ni ohun tí à ń fún ọmọ tó ṣe dáadáa jù, ó lè jẹ́ ìwé àti owó díẹ̀. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, tí a ń pè ní sikọ́láṣípù, jẹ́ ìlérí pé a ó san owó iléèwé. Ká ní ẹgbẹ́ kan kó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà jọ, tí ilé ìfowópamọ́ sì ń fún wọn ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ìyẹn ₦300,000, ló máa wọlé lọ́dún. Bí wọ́n bá ná ₦200,000, tí wọ́n dá ₦100,000 padà sórí ojú owó nítorí ọjà tó ń wọ́n sí i, ọmọ kan ni wọ́n lè rán, ó sì lè má tó. Bí wọ́n bá ti pè é ní sikọ́láṣípù fún ọmọ mẹ́wàá, orúkọ olóògbé ló máa gba ìtìjú náà lọ́dún kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń dàrú ni báńkì. Wọ́n á ti tẹ orúkọ sára ìwé ìkésíni, ṣùgbọ́n kò sí àkáǹtì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó á wá máa wọ àpò ẹnì kan. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíì ti ń jẹ́ orúkọ náà. Bí kò bá sí, wọ́n á fi pa mọ́ fún yín fún ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá sì ní àtakò ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láti sọ ọ́. Ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ kò gbé èyí lè fi owó náà sábẹ́ iléèwé tàbí yunifásítì, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ orúkọ náà sí létòlétò.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ orúkọ náà sórí ìwé, ẹ gbé e lọ bá opó tàbí àkọ́bí olóògbé, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.