Bí A Ṣe Ń Kọ̀wé Láti Yí Ọjọ́ Ìtẹ̀ka Ìwé Ìrìnnà Padà
Ìwé ìlanilóye fún àwọn ará Iye-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ìyẹn páàsìpọ́ọ̀tù, kò lè rán ẹlòmíràn lọ sí Adó-Èkìtì lọ́jọ́ ìtẹ̀ka. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Ímígíréṣọ̀n ti gbà kí a máa fi fọ́tò àti àwọn ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà la ti ń sanwó, ibẹ̀ náà la ti ń mú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ kò ṣe é fi ránṣẹ́. Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ.

Fún wa tó jẹ́ pé oko là ń ṣe, ìka gan-an ló sábà máa ń dí ọjọ́ náà lọ́wọ́. Ìlà wínníwínní tó wà lórí ìka ni ẹ̀rọ ń kà. Bí báńdéèjì bá wà níbẹ̀, tàbí tí ọgbẹ́ ṣì tutù, tàbí tí èépá bo ojú ọgbẹ́, ẹ̀rọ kò ní rí ìlà kankan kà. Làálì tí wọ́n fi ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ náà lè dí i lọ́wọ́. Kódà àwọn tó ń gba físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì máa ń kìlọ̀ pé kí orí ìka mọ́ kúrò lọ́wọ́ làálì àti ọgbẹ́ kí èèyàn tó wá. Ẹni tí ìka rẹ̀ kàn gbẹ tó sì le nítorí iṣẹ́ gààrí tàbí sìmẹ́ńtì kò nílò ọjọ́ tuntun. Kó máa fi òrí tàbí ìpara pa á lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó sì fọ ọwọ́ náà dáadáa lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti gé tipẹ́ kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ sún ọjọ́ síwájú, torí ìka náà kò ní padà hù. Kó lọ lọ́jọ́ rẹ̀, kó sì sọ fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń torí ẹ̀ yí ọjọ́ tí kò sì ní yanjú. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN bá yàtọ̀ sí ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tuntun kò ní tún un ṣe. Ọ̀dọ̀ àjọ NIMC ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí àtúnṣe náà bá ti hàn lórí NIN ni kí ẹ tó wá mú ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò tíì gba lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ Ilejemeje ní Eda-Oniyo: kó lọ gba lẹ́tà náà, kó má fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Ká ní ìyá kan ní Iye ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2026. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú, ọjọ́ kẹrin oṣù náà, àdá bù ú ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tó ti ń ro ewùrà. Wọ́n rán an fún un ní ọsibítù, dókítà sì ní kó padà wá ní ọjọ́ kejìdínlógún kí wọ́n yọ òwú. Ọjọ́ tí wọ́n yọ òwú kọ́ ni ìka di èyí tí ẹ̀rọ lè kà. Awọ tuntun ní láti le, èépá ní láti bọ́. Nítorí náà, ìyá yìí ní láti fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún un, èyí tó gbé e dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó rí i pé Jímọ̀ ọjọ́ kẹta àti Ajé ọjọ́ kẹfà jẹ́ ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ keje ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì fi ààyè sílẹ̀ títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún, torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo téèyàn bá dárúkọ lè ti kún.

Kó tó kọ̀wé, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun ṣí ojú ewé tí wọ́n ti mú ọjọ́ náà. Bí ibẹ̀ bá fún un láyè láti yan ọjọ́ mìíràn, kó yàn án, kó tẹ pépà tuntun, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá sí ààyè, ìgbà yẹn ni yóò kọ irú ìwé yìí:

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìwé Ìrìnnà,
Ọ́fíìsì Ímígíréṣọ̀n, Adó-Èkìtì.

Ẹ̀BẸ̀ LÁTI YÍ ỌJỌ́ ÌTẸ̀KA PADÀ
Application ID: …
Reference Number: …

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi (orúkọ bó ṣe wà lórí NIN) ni mo ní ọjọ́ ìtẹ̀ka lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2026. Àdá ṣá mi ní ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, wọ́n sì rán an. Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọn yóò yọ òwú. Mo fi ìwé dókítà ti èyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ bá mi sún un sí ọjọ́ èyíkéyìí láàárín ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin. Mo ti sanwó, rìsíìtì wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ tuntun náà ránṣẹ́ sí mi lórí nọ́ńbà yìí: …

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà méjèèjì tó wà lókè, èyí tó wà lórí pépà tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́yìn ìsanwó, ni òṣìṣẹ́ yóò fi wá yín rí nínú ẹ̀rọ. Ìwé tí kò ní wọn, bó ti wù kó kún fún ẹ̀bẹ̀ tó, ṣòro láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ kò nílò láti ròyìn bí ìjàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ fi ń kọ̀wé. Nítorí náà, kí ọmọ tàbí olùkọ́ kan bá yín yí i padà, kó sì kà á fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má fi NIN yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí Wọ́sáàpù nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún bá ń bá yín lọ, tirẹ̀ dá dúró lábẹ́ nọ́ńbà tirẹ̀. Ọjọ́ ìyá lè yí kí ọjọ́ ọmọ má yí. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sínú ìwé kan náà, kí ẹ sì sọ pé ọjọ́ kan náà lẹ fẹ́.

Ẹ má sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìwé ọlọ́dún márùn-ún tó ní ojú ewé 32 ti di ₦100,000, ọlọ́dún mẹ́wàá tó ní ojú ewé 64 sì ti di ₦200,000. Owó kékeré kọ́ nìyẹn láti fi bẹ̀rẹ̀ látorí òdo nítorí ọjọ́ lásán. Ẹni tó bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tó ń sọ pé òun yóò gba owó lọ́wọ́ yín kí ọjọ́ tó yí, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Bó bá ku ọjọ́ méjì tí èsì kò tíì dé, kí ẹnì kan nínú ilé mú ẹ̀dà ìwé náà, ìwé dókítà àti rìsíìtì gba Ìfàkì àti Ìwòròkó lọ sí Adó, kó fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kó sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà. Títí ọjọ́ tuntun yóò fi dé ọwọ́ yín, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ló ṣì wà lórúkọ yín.