Èsúsú, Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àti Owó Ìfẹ̀yìntì: Bí A Ṣe Lè So Wọ́n Pọ̀ Fún Ọjọ́ Ogbó

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ó ṣì ń wá iṣẹ́ kiri ní Kutọnu kò tíì ní ohun tí yóò fún ìyá rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, èsúsú wà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, ẹnì kan nínú ilé sì ti ṣe iṣẹ́ oṣù rí. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta yìí kì í mọ ara wọn. Èyí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí ọ̀kan ṣe lè máa ran èkejì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìfẹ̀yìntì, nítorí òun nìkan ni ó ń wọlé lóṣooṣù títí ẹni tí ó ni ín yóò fi kú. Ní ilẹ̀ Benin, CNSS ni ó ń bójú tó ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Nínú ọgọ́rùn-ún fránkì owó oṣù, wọ́n ń yọ 3.6 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ ogbó, ọ̀gá rẹ̀ a sì san 6.4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, tí wọ́n sì ti san owó oṣù 180 fún un, èyí tí í ṣe ọdún 15, yóò máa gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀ ní agbedeméjì. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé ní 15 a máa fi 2 kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò pé oṣù 180 kò ní rí owó oṣooṣù rárá. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò kà fún un, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, pàápàá àwọn obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ṣe akọ̀wé ní Àjàṣẹ́ fún ọdún 11, tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 80,000 fránkì. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 49, ó sì ń ta aṣọ lọ́jà. Oṣù 132 ni ó ní lórí ìwé. Oṣù 48 ni ó kù. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀tọ́ sí owó oṣooṣù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Òfin gba ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ láyè kí ó máa dá owó ọjọ́ ogbó náà lọ fúnra rẹ̀. Òun nìkan ni yóò san apá tirẹ̀ àti apá ọ̀gá: 8,000 fránkì lóṣù kan fún ìyá yìí. Àkókò tí a fi ń béèrè fún un kì í ṣe títí láé, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì CNSS kí oṣù tó gorí oṣù. Ní oṣù 48, owó náà jẹ́ 384,000 fránkì. Níbo ni aláṣọ yóò ti rí i?

Èsúsú ni yóò ti rí i. Àwọn méjìlá ni wọ́n jọ ń dá 10,000 fránkì lóṣooṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan a sì kó 120,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ó bá ti kó o, kò gbọdọ̀ mú un dé ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ó mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Níbẹ̀ ni yóò ti máa yọ 96,000 fún owó CNSS ọdún kan, kí 24,000 tí ó kù sì dúró. Bí ó bá ṣe báyìí fún ọdún mẹ́rin, oṣù 180 ti pé, 96,000 sì wà ní ẹgbẹ́. Láti ọmọ ọdún 53 títí dé 60, kí ó máa fi gbogbo owó èsúsú náà pamọ́ sí ẹgbẹ́. Ọdún méje nìyẹn, 840,000. Gbogbo rẹ̀ di 936,000, láì tíì ka èrè mọ́ ọn.

Nígbà tí ó bá pé 60, owó tí CNSS yóò máa fún un lóṣù kò ní dín ní 24,000, bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí 80,000. Kò ní ju oṣù 16 lọ tí yóò fi gba 384,000 tí ó san padà. Bí ó bá sì ń yọ 6,000 lóṣù ní ẹgbẹ́, owó ibẹ̀ yóò tó o fún ọdún 13. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí owó CNSS àkọ́kọ́ tó jáde. Owó ẹgbẹ́ ni yóò fi jẹun títí yóò fi dé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ èsúsú ni láti kó owó jọ, kì í ṣe láti tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbèsè. Ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn ni yóò forí fá a bí ẹnì kan bá sá lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ti súnmọ́ 60 má ṣe wọ èsúsú tuntun tí kò ní parí kí iṣẹ́ tó dá. Ti alájọ tí ń gbà á lójoojúmọ́ tún yàtọ̀: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń dá 500 lójúmọ́ ń san 6,000 lọ́dún fún ìtọ́jú owó ara rẹ̀. Ó dára fún oṣù kan. Kò dára fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ń ka ìṣirò owó sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣèlérí èrè ńláńlá, ẹ sá fún un. Ní ọdún 2010, ICC Services wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, owó ọ̀pọ̀ ìdílé sì bá a lọ. Ẹ má sì ṣe fi owó ọjọ́ ogbó dúró fún ẹni tí ó ń yá owó, nítorí bí kò bá san án, tiyín ni wọn yóò mú.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bí wọ́n ti yọ owó nínú owó oṣù yín kò fi hàn pé ó dé CNSS. A ti rí ọ̀gá tí ó yọ ọ́, tí kò san án. Ẹ lọ béèrè ìwé tí wọ́n kọ gbogbo oṣù yín sí, kí ẹ fi í wé àwọn ìwé owó-oṣù tí ẹ ní nílé. Bí oṣù kan bá sọnù, ẹ pariwo nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà, tí ọ̀gá náà ṣì wà láàyè. Ẹ tọ́jú ìwé wọ̀nyí bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ọkọ tàbí aya yín sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe iṣẹ́ oṣù lọ́wọ́, kí ó jókòó lálẹ́ òní, kí ó ka iye oṣù tí ó kù kí 180 tó pé.