Ọ̀sẹ̀ Méjì fún Ìbéèrè Áígẹ́nì

Ìbéèrè lórí iye áígẹ́nì kì í ṣe irú kan nínú ìdánwò yunifásítì, àmọ́ orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣàn wá. Bí mátíríìsì bá ṣiṣẹ́ lára fẹ́kítọ̀, ó sábà máa ń yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn. Àwọn kan wà tí kì í kúrò lórí ìlà wọn, tí mátíríìsì kàn ń sọ di ìlọ́po ara wọn. Iye ìlọ́po yẹn ni iye áígẹ́nì, λ.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, wíwá λ àti fẹ́kítọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dojú kọ. Ká ní ìlà àkọ́kọ́ mátíríìsì A jẹ́ 4, 1, tí ìkejì sì jẹ́ 2, 3. Ó di (4 − λ)(3 − λ) − 2 = 0, ìyẹn λ² − 7λ + 10 = 0. λ jẹ́ 5 tàbí 2. Kó yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀: 5 àti 2 jẹ́ 7, bí 4 àti 3 tó wà láti igun dé igun, 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10, bí dítámínáǹtì A. Bí wọn kò bá dọ́gba, àmì kan ti ṣì níbì kan.

Fún 5, A − 5I fún wa ní −1, 1 àti 2, −2, nítorí náà fẹ́kítọ̀ rẹ̀ ni (1, 1). Ti 2 ni (1, −2). Bí òdo nìkan bá jáde, λ yẹn kò tọ̀nà, torí fẹ́kítọ̀ òdo kì í ṣe fẹ́kítọ̀ áígẹ́nì láéláé.

Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà wà fún A = PDP⁻¹ àti Aⁿ = PDⁿP⁻¹. Kí òpó P tẹ̀ lé ètò tí λ gbà wà nínú D.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni mo fún λ tó bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni máàkì ti ń bọ́ jù. Wo mátíríìsì 3, 1, 0, 3 àti 3, 0, 0, 3. (3 − λ)² = 0 ni àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ kò ní ju (1, 0) àti ìlọ́po rẹ̀ lọ, kò sì ṣeé sọ di D. Ti ìkejì, gbogbo fẹ́kítọ̀ tí kì í ṣe òdo ló bá a mu. D ni òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá rí àtúnwí tó sì kọ “kò ṣeé ṣe” láì ka fẹ́kítọ̀ ti fò fẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá dé ìkejìlá yára. Mátíríìsì tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára mu (Aᵀ = A) máa ń ní fẹ́kítọ̀ tó dá igun 90° láàárín λ tó yàtọ̀. 0, −1, 1, 0 fún wa ní i àti −i. Ìdáhùn x′ = Ax ni c₁e⁵ᵗ(1, 1) + c₂e²ᵗ(1, −2). Láti Av = λv, A²v = λ²v jáde ní ìlà kan. Òfin Cayley àti Hamilton sì sọ pé A² − 7A + 10I = 0, nítorí náà A⁻¹ = (7I − A)/10.

Ọjọ́ méjì tó kù, ìbéèrè ọdún tó kọjá, pẹ̀lú aago, láì ṣí ìwé.