Ojú Tí Ó Ṣú Lójijì

Apẹja kan ní Araromi lè jí láàárọ̀, kí ojú rẹ̀ kan ṣú, kó má sì dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè fà á. Ó ń mú kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀yìn ojú le, kó sì tẹ iṣan tó ń gbé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ á há bí omi odò tí koríko dí. Omi á jò, ẹ̀yìn ojú á wú.

Kó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ojú náà lóṣooṣù títí wíwú á fi lọ. Bí iṣan tuntun ẹlẹgẹ́ bá hù, iná lésà ni wọ́n á fi dá a dúró.

Ìríran lè má padà tán. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá sì rọlẹ̀, ojú kejì lè ṣú.