Ilé Ìwẹ̀ Tó "Kù Díẹ̀": Ibo Ni Iṣẹ́ Dé Gan-an?

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ́lé sí Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwẹ̀ ti kù díẹ̀." Ó lè gbọ́ ọ lóṣù yìí, kó tún gbọ́ ọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń bá a mójú tó iṣẹ́ náà lè má purọ́ rárá. Wọ́n kàn kọ "ilé ìwẹ̀" sínú ìwé bí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi wọn ibi tó dé.

Ibi méjì ni mo máa ń wò kí n tó pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ibi tí iṣẹ́ ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èkejì, tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ni ibi tí a ti fẹ́ bo ohun kan mọ́lẹ̀ tí a kò ní rí i mọ́. Púlọ́ńbà á gbẹ́ ògiri, á ri páìpù sínú rẹ̀. Òun kan náà ló ń ṣe méjèèjì, kò sì sí ohun tí a ń yẹ̀ wò láàárín wọn, nítorí náà ẹ̀ka kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti omi mọ́ inú páìpù, kí wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n wò ó bóyá agbára omi náà lọ sílẹ̀. Ìdánwò yìí gbọ́dọ̀ dá dúró bí ẹ̀ka tirẹ̀. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ríri páìpù, wọ́n á ní páìpù ti parí, bíríkìlà á rẹ́ ògiri, táìlì á gorí rẹ̀, ìgbà tí ògiri yàrá kejì bá ń rin la ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ sí i. Páìpù gba ọjọ́ 3, ìdánwò 1, rírẹ́ ògiri àti dída ilẹ̀ kó lè dagẹ̀rẹ̀ síhà ojú ihò omi 2, táìlì 6, gbígbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti abọ́ ìfọwọ́ sípò 1, ilẹ̀kùn 1. Ẹ̀ka 6 nìyẹn, ọjọ́ 14. Ká ní páìpù, ìdánwò, rírẹ́ àti ilẹ̀kùn ti parí. Ẹni tó bá ka iye ẹ̀ka á ní 4 nínú 6 ti tán, ìyẹn ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ka ọjọ́ á rí i pé 7 nínú 14 ló lọ, ìdajì péré. Èyí kejì ló sún mọ́ òótọ́, nítorí táìlì tó gùn jù lọ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi fóònù tọ́jú iṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ yìí: iye ohun tí a fàmì sí ni àkọsílẹ̀ inú Trello máa ń kà, àmọ́ Microsoft Project máa ń fi gígùn iṣẹ́ ṣírò odidi rẹ̀. Nínú ìṣirò tèmi, ẹ̀ka tó "kù díẹ̀" kò gba nǹkan kan. Àfi kó parí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ táìlì, ẹnì kan wá rántí pé wọn kò tíì kun ilẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kì í jẹ́ kí omi là kọjá. Ọjọ́ 2 nìyẹn, pẹ̀lú ìdúró kó gbẹ. Odidi iṣẹ́ di ọjọ́ 16, ohun tó ti parí sì já sí ìdá 44. Ibi tí àwọn alábòójútó ti máa ń ṣàṣìṣe nìyí: ojú ń tì wọ́n láti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé 50 ti di 44, wọ́n á wá fi iṣẹ́ tuntun náà pamọ́ sábẹ́ táìlì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀ka náà síta, kí ẹ sì kọ iye tó lọ àti àpapọ̀ rẹ̀ pọ̀: 7 nínú 14 di 7 nínú 16. Ẹ̀gbọ́n á rí i kedere pé iṣẹ́ ló pọ̀ sí i, pé kò sí èyí tó bàjẹ́.

Bí ó bá bàjẹ́ ńkọ́? Bí omi bá ń jò lẹ́yìn táìlì, a ó tún páìpù, ìdánwò, rírẹ́ àti táìlì ṣí padà nínú ìwé, títí kan ilẹ̀ tí a kùn bí fífọ́ náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Odidi iṣẹ́ kò lè wà ní "ó ti parí" nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ṣì wà ní ṣíṣí.

Kódà bí gbogbo ẹ̀ka bá ti parí, odidi kò tíì parí fúnra rẹ̀. Púlọ́ńbà ṣe tirẹ̀, ẹni tó lẹ táìlì ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ omi lè dúró sí kọ̀rọ̀ kan, tàbí kí ilẹ̀kùn máa ha táìlì tó ga ju bí káfíńtà ṣe rò lọ. Kò sí ẹ̀ka tó ni àbùkù wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó ni odidi iṣẹ́: òun á ṣí omi, á ti ilẹ̀kùn, á wo ibi tí omi ń lọ, kó tó kọ "ó parí" síbẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, kí ẹ̀gbọ́n di díẹ̀ mú nínú owó iṣẹ́.