Ìwé ẹ̀rí òwú bíò: ẹ bi ẹni tí ó fọwọ́ sí i

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olówú Okpomèta, bí olùrà kan bá mú ìwé ẹ̀rí wá pé ilé iṣẹ́ òun ní àṣẹ láti ra òwú bíò, ìyẹn èyí tí a gbìn láìlo oògùn àti ajílẹ̀ kẹ́míkà, òǹtẹ̀ orí ìwé nìkan kò tó. Bí kò bá ní àṣẹ, òwú tí ẹ fi gbogbo ọdún ro oko rẹ̀ yóò di òwú lásán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ibi tí owó àfikún yóò ti wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ GOTS, tí ó ń ṣètò ìlànà aṣọ bíò kárí ayé, kéde pé ayédèrú ìwé bo nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20,000 òwú ní Íńdíà. Àwọn oníjìbìtì náà kò fi mọ sí òǹtẹ̀ o. Wọ́n ṣe ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó jọ ti APEDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Íńdíà. Lórí ìwé wọn ni àmì onígun mẹ́rin tí tẹlifóònù máa ń kà wà. Ẹni tí ó bá fi tẹlifóònù ka àmì náà yóò bọ́ sí ojú ìwé ayédèrú, yóò sì bá gbogbo ohun tí ó wà lórí ìwé níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó rò pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò! GOTS fòfin de ilé iṣẹ́ 11.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé náà fúnra rẹ̀ júwe ọ̀nà fún yín. Ká ní orúkọ Ecocert ni ó wà lórí rẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ certificat.ecocert.com, kí ó wá orúkọ ilé iṣẹ́ olùrà níbẹ̀. Bí ó bá rí i, kí ó wo ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí, kí ó sì wo irú ọjà tí a kọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: ìwé náà lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti kaṣú tàbí ti òrí, kì í ṣe ti òwú.

Bí kò bá rí orúkọ náà, kí ó má tíì pe olùrà ní olè, nítorí wọ́n lè kọ orúkọ náà lọ́nà mìíràn. Kí ó fi nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí náà wá a. Bí kò bá sí síbẹ̀, kí ó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí Ecocert, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ó wà lójú ìwé Ecocert ni kí ó lò, kì í ṣe ti orí ìwé olùrà. Títí èsì yóò fi dé, kí òwú bíò wà nínú àpò tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí òwú yòókù. Bí olùrà bá ní ìwé tuntun ṣì ń bọ̀, ẹ ní kí ó padà wá nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti jáde níbẹ̀.