Ìdí Tí Igi Kíríkẹ́ẹ̀tì Fi Gbọ́dọ̀ Dúró Ṣánṣán

Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ síbi tí kò jìnnà tí kò sì súnmọ́ ló ń da ẹni tó di igi mú láàmú jù. Bí ẹni tó ń jù ú bá lágbára, ó máa ń balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 6 sí 8 síwájú òpó mẹ́ta tí ẹ̀ ń ṣọ́. Ẹsẹ̀ yín ò lè nà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè láti sún sẹ́yìn kí ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe máa ta. Ó lè ta dé ìbàdí, ó sì lè rá mọ́lẹ̀.

Òfin ò gbà kí fífẹ̀ igi ju sẹ̀ǹtímítà 10.8 lọ. Ẹni tó bá fi í gbá bọ́ọ̀lù ní ìbú, ìwọ̀nba yẹn ló ní láti fi pàdé ohun tí kò mọ gíga rẹ̀. Ẹni tó gbé e dúró lóòró ti dí ọ̀nà láti ilẹ̀ dé ìbàdí. Apá ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀ nìkan ló kù tó máa ṣọ́.

Ọwọ́ ló ń jẹ́ kí igi dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á fi òsì sókè, ọ̀tún sísàlẹ̀, kí méjèèjì súnmọ́ra bí ẹni gbé àáké nílẹ̀. Àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ méjèèjì á wà lórí ìlà kan náà. Òsì ló ń darí. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni ọ̀tún fi ń dì í mú jẹ́jẹ́. Bí ọ̀tún bá fún un pọ̀, á ti igi gba ẹ̀gbẹ́ ni.

Kí ẹsẹ̀ yà tó fífẹ̀ èjìká, kí orúnkún rọ̀, kí èjìká òsì kọjú sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí ojú méjèèjì sì wà lọ́gbọọgba. Orí tó bá tẹ̀ á fa ara ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó dáa, bọ́ọ̀lù náà ti ń bọ̀ wá sórí òpó. Orí ló ń kọ́kọ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ lé e. Ìgúnpá òsì á ga, ojú igi á dorí kodò díẹ̀, igi á sì fara mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má tì í o! Ẹ jẹ́ kó wá bá igi lábẹ́ ojú yín, kó kú sílẹ̀ níwájú yín. Bí ó bá ń fò sọ́wọ́ àwọn tó dúró nítòsí, ọwọ́ yín ti le jù. Bí ó bá ń gba àárín igi àti ẹsẹ̀ kọjá lọ wó òpó, ẹsẹ̀ yín ò dé ibi tó yẹ.

Rahul Dravid ará Íńdíà, tí wọ́n sọ ní Ògiri, kojú bọ́ọ̀lù 31,258 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún 164 láàárín orílẹ̀-èdè. Kò tíì sẹ́ni tó kojú tó bẹ́ẹ̀.